Nígbà Tí Àjẹkì Bá Di Àìsàn

Ọ̀pọ̀ nǹkan ni Yorùbá ń jẹ tí kò gba ọ̀nà ọ̀fun kọjá. A ń jẹ oyè, a ń jẹ gbèsè, a ń jẹ èrè, a ń jẹ̀bi, a ń jayé. Nínú gbogbo wọn, ẹni tó ń jẹ ló ṣáájú nínú ọ̀rọ̀, ohun tó ń jẹ ló tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bó bá kan ìyà, a lè yí ọ̀rọ̀ náà po, ká ní ìyà ló ń jẹ ènìyàn. Ẹni tó yẹ kó máa jẹ nǹkan ti wá di ohun tí nǹkan ń jẹ. Àìsàn kan wà tó jẹ́ pé irú ìyípo yìí gan-an ni àwọn tó ń ṣe fi máa ń ròyìn rẹ̀. Wọ́n á ní àwọn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun bí gbogbo ayé ṣe ń jẹun, nígbà tó yá, apá àwọn ò ká a mọ́, bí ẹni pé oúnjẹ ló ń darí ọwọ́ àti ẹnu àwọn. Àìsàn àjẹkì ni mo fẹ́ máa pè é nínú àkọsílẹ̀ yìí, mo sì fẹ́ ká tú orúkọ náà wò, nítorí inú àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín àìsàn yìí àti àjẹjù lásán wà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí àjẹyó, nítorí òun ni ìlera. Jẹ, kí o sì yó. Yó ni òpin tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ara ló sì ń kéde rẹ̀. Bí ikùn ṣe ń fẹ̀, tí ìfun sì ń rí oúnjẹ gbà, àwọn méjèèjì ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ó tó. Iṣẹ́ yẹn kì í tètè dé, ó lè gba nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ń yára jẹun fi máa ń kọjá ibi tó yẹ kó dúró kó tó mọ̀.

Lẹ́yìn àjẹyó ni àjẹjù. Jù ni ọ̀rọ̀ ìfiwéra: ó ju ti àná lọ, ó ju ti ẹlòmíràn lọ. Ìwọ̀n oúnjẹ nìkan ni àjẹjù ń sọ. Ìjẹkújẹ ní tirẹ̀ ń sọ irú oúnjẹ tí wọ́n jẹ àti àkókò tí wọ́n jẹ ẹ́. Wọ̀bìà àti ọ̀kánjúwà ò tiẹ̀ sọ nǹkan kan nípa oúnjẹ rárá, ìwà ẹni tó jẹ ẹ́ ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́. Àjẹkì ló wá sún mọ́ ohun tí mò ń wí. Kì ni kí a ti nǹkan bọ inú nǹkan títí ààyè ò fi ní sí mọ́, bí ọdẹ ṣe ń ki ìbọn. Nínú àjẹkì, yó ti sá lọ. Ìkìbọ̀ ló gba ipò rẹ̀.

Síbẹ̀, nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, kò sí ọ̀kan tó béèrè ìbéèrè tí dókítà máa ń kọ́kọ́ béèrè. Àjẹjù béèrè bí oúnjẹ náà ti pọ̀ tó. Ìjẹkújẹ béèrè irú oúnjẹ tó jẹ́. Wọ̀bìà béèrè irú ènìyàn tí ẹ jẹ́. Ohun tí dókítà fẹ́ mọ̀ ni pé: nígbà tí ẹ ń jẹ ẹ́, ṣé ẹ lè dáwọ́ dúró bí ẹ bá fẹ́?

Ìbéèrè yìí ló ya àríyá sọ́tọ̀ kúrò lára àìsàn. Ẹ wo ẹni tó lọ sí ìnáwó ní ọjọ́ Sátidé. Wọ́n gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wá, ó jẹ ẹ́ tán. Wọ́n gbé iyán àti ẹ̀fọ́ rírò wá, ó tún bá a kanlẹ̀. Mọ́ínmọ́ín dé, kò lè kọ̀ ọ́. Nígbà tó délé, ó tú bẹ́líìtì, ó ní òun ti jẹun jù, ó sùn. Gbogbo ènìyàn ló rí i nígbà tó ń jẹ ẹ́, inú rẹ̀ dùn sí i, bí wọ́n bá sì pè é síta láàárín oúnjẹ, yóò fi àwo sílẹ̀ yóò dìde. Àjẹjù ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹran Iléyá, bẹ́ẹ̀ náà ni ìṣínu ẹni tó ti gbààwẹ̀ láti ìdájí. Kò sí dókítà tí yóò tìtorí èyí kọ orúkọ àìsàn sílẹ̀ fún un.

Ìkóra-ẹni-níjàánu ni Yorùbá ń pe ohun tí ẹni tó wà ní àríyá yẹn ṣì ní lọ́wọ́. Ìjánu ni irin tí wọ́n ń fi sí ẹnu ẹṣin, tí wọ́n fi ń dá a dúró, tí wọ́n fi ń yí i sọ́tùn-ún sósì. Ẹni tó jẹ àjẹjù níbi àríyá kàn dẹ ìjánu sílẹ̀ ni, ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ti ẹni tó ní àìsàn àjẹkì já. Ó ń fà á, ẹṣin ò dúró. Kì í ṣe pé kò mọ̀ pé ó yẹ kóun dúró. Ó mọ̀, ó sì ń wo ara rẹ̀ bó ṣe ń jẹ ẹ́ lọ.

Ọdún 1959 ni Albert Stunkard, dókítà ọpọlọ kan ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àwọn tó sanra tí wọ́n máa ń jẹ oúnjẹ tó pọ̀ rẹpẹtẹ láàárín àkókò kúkúrú, tí wọ́n á sì máa dá ara wọn lẹ́bi lẹ́yìn rẹ̀. Síbẹ̀, ó di ọdún 2013 kí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà tó fi àìsàn náà sínú ìwé tí wọ́n fi ń dá àìsàn mọ̀ gẹ́gẹ́ bí àìsàn tó dá dúró. Ìwé ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 2022, náà ti ní in nínú.

Ohun tí ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà ń wò kò le láti lóye. Àkọ́kọ́, ẹni náà ní láti jẹ oúnjẹ tó ju ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jẹ ní irú ipò bẹ́ẹ̀, láàárín àkókò kan tó ní ìwọ̀n, bíi wákàtí 2. Èkejì, kò lè dá ara rẹ̀ dúró. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á wo ohun márùn-ún, ó sì gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán mẹ́ta nínú wọn: ó ń yára jẹun ju bó ṣe máa ń jẹ lọ, ó ń jẹ títí ikùn á fi máa ro ó, ó ń jẹ nígbà tí ebi ò pa á, ó ń dá jẹun nítorí ojú ń tì í, tàbí ó ń kórìíra ara rẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ sì ń bà jẹ́ lẹ́yìn tó bá jẹun tán. Ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ máa dùn ún gidi, ó sì gbọ́dọ̀ ti máa ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó kéré tán, fún oṣù 3. Ìwé Àjọ Ìlera Àgbáyé tiẹ̀ gbà pé oúnjẹ náà lè má pọ̀ púpọ̀ lójú ẹlòmíràn, bí ẹni tó jẹ ẹ́ bá ti rí i pé kò sí lọ́wọ́ òun láti dúró. Ìjánu ni wọ́n ń wò ju àwo lọ.

Ohun kan wà tí kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Bí ẹni náà bá máa ń ki ọwọ́ bọ ọ̀fun kó lè bì, tàbí tó ń lo oògùn ìyàgbẹ́ déédéé, tàbí tó ń fi eré ìdárayá jẹ ara rẹ̀ níyà kó lè pa oúnjẹ náà rẹ́, àìsàn mìíràn ni, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀ díẹ̀. Ó ṣe pàtàkì kí a sọ èyí fún dókítà láìfi pamọ́, nítorí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru lè ba èròjà inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́ débi tí ọkàn ò ní lù bó ṣe yẹ mọ́.

Ojú lásán ò lè fi ìwọ̀n ara mọ aláìsàn yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sanra, ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ wà ní ìwọ̀n náà lè ní in, ọ̀pọ̀ ẹni tó sanra ni kò sì ní in rárá. Kì í ṣe obìnrin nìkan ló ń ṣe. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2007, fi hàn pé nínú 1,000 obìnrin, nǹkan bí 35 ni yóò ní in rí láyé wọn. Nínú 1,000 ọkùnrin, nǹkan bí 20 ni. Ọkùnrin ni kì í sábà wá gba ìtọ́jú, nítorí bó bá jẹun púpọ̀, ẹ̀rín ni wọ́n á fi rín, wọ́n á ní ọkùnrin mà ni.

Báwo ni ìjánu ṣe ń já? Ọ̀pọ̀ ìgbà, ebi ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pàápàá ebi tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ fà. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ní ọdún 1944, Ancel Keys àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Minisóta, ní Amẹ́ríkà, kó ọ̀dọ́mọkùnrin 36 jọ, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn dípò kí wọ́n lọ sógun. Wọ́n kọ́kọ́ bọ́ wọn dáadáa, lẹ́yìn náà ni wọ́n gé oúnjẹ wọn kù sí bí ìdajì fún oṣù 6. Kí oṣù 6 náà tó pé, àwọn ọkùnrin tí oúnjẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ wọn tẹ́lẹ̀ ti ń ka ìwé ìdáná, wọ́n ń lá oúnjẹ lálá. Nígbà tí wọ́n wá gbà wọ́n láyè láti jẹun, àwọn kan jẹ títí ikùn wọn fi ń dùn wọ́n, wọ́n sì ń sọ pé ebi ṣì ń pa àwọn. Ikùn ti kún, yó ò dé. Ara tí wọ́n ti fi ebi pa ò gbàgbọ́ mọ́ pé oúnjẹ mìíràn ń bọ̀.

Ohun kejì tó máa ń já a ni ọkàn tí kò balẹ̀: ìjà nílé, ìdánìkanwà, ìbànújẹ́ tí kò rí ẹnu sọ. Oúnjẹ máa ń mú ọkàn kúrò lórí wọn fún ìgbà díẹ̀. Ìdílé tún wà níbẹ̀, nítorí àìsàn náà máa ń wà nínú ẹbí kan ju òmíràn lọ. Kò sí èyí tó jẹ́ àìníwà nínú wọn.

Mo fẹ́ kí ẹ rí bó ṣe ń rí ní ojoojúmọ́. Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo obìnrin kan, ká pè é ní Àdùkẹ́, tí mo fi ohun tí àwọn oníṣègùn sábà máa ń bá pàdé hun ìtàn rẹ̀. Tíṣà ni ní Ìbàdàn, ó jẹ́ ọmọ ọdún 34. Ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ ń bọ̀, wọ́n ti ran aṣọ ẹbí, ó sì ti pinnu pé aṣọ náà gbọ́dọ̀ bá òun mu. Kò jẹun láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Omi ló mu ní ọ̀sán. Nígbà tó dé ilé ní aago mẹ́fà, ó se oúnjẹ fún àwọn ọmọ, ó jẹ ṣíbí mẹ́ta, ó ní ó tó. Ní aago mẹ́wàá alẹ́, gbogbo ilé ti sùn, ó wọ ilé ìdáná lọ mú bíbẹ̀ búrẹ́dì kan. Ó jẹ ẹ́, ó tún gé òmíràn. Nígbà tí yóò fi mọ̀, odindi búrẹ́dì ti tán, ó ti ṣí ìkòkò ìrẹsì tútù, ó ń fi ọwọ́ jẹ ẹ́ lórí ìdúró, ó ti jẹ ẹja díndín mẹ́ta tó wà fún ọ̀la, ó sì ń fi ṣíbí bu mílíìkì ẹlẹ́bu sẹ́nu. Kò mọ adùn wọn mọ́. Ogójì ìṣẹ́jú ló gbà. Lẹ́yìn náà ló fọ àwo, ó ki ọ̀rá búrẹ́dì bọ ìsàlẹ̀ garawa ìdọ̀tí, ó sì jí ní ìdájí lọ ra òmíràn kí ẹnikẹ́ni tó jí. Nítorí ohun tó ṣe lóru yìí, ó búra pé òun ò ní jẹ nǹkan kan lónìí. Ìbúra yẹn gan-an ló ń pèsè alẹ́ mìíràn sílẹ̀ fún un.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fura ní kó lọ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ̀mí wọ̀bìà lè jáde. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fún un ní tíì tó ń múni yàgbẹ́. Ìfẹ́ ló mú àwọn méjèèjì ṣe é, ṣùgbọ́n ààwẹ̀ fi kún ebi tó ń fà á, tíì náà sì ń kó ewu bá a láìfọwọ́ kan ohun tó ń ṣe é. Adúrà ò ní ìjà pẹ̀lú ìtọ́jú yìí. Àìjẹun ló ní.

Ìgbà tí a bá pe nǹkan ní ìwà, a lè bá ẹni tó ń hù ú wí, a sì lè kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà tí a bá pè é ní àìsàn, a ti sọ ohun mìíràn. Sàn ló wà nínú àìsàn: ohun tí kò tíì sàn, tó sì lè sàn. Ìwòsàn wá fi ọ̀nà rẹ̀ hàn wá. Wò ó, títí yóò fi sàn. Wíwò ló ṣáájú, ó sì wù mí pé ibẹ̀ gan-an ni ìtọ́jú tó dára jù fún àìsàn yìí ti ń bẹ̀rẹ̀.

Dókítà ni yóò kọ́kọ́ wò. Yóò béèrè iye ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀, bí ènìyàn bá ń bì, àti irú oògùn tó ń lò, nítorí àwọn oògùn kan, títí kan àwọn kan tí wọ́n fi ń tọ́jú ọpọlọ, máa ń dá ebi sílẹ̀. Yóò wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, yóò yẹ ṣúgà wò, torí àtọ̀gbẹ náà máa ń fa ebi, àìsàn àjẹkì sì lè bá àtọ̀gbẹ rìn. Yóò béèrè nípa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, tó máa ń bá a rìn gan-an. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè dárúkọ àìsàn yìí. Òótọ́ tí aláìsàn bá sọ ni àyẹ̀wò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni aláìsàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara rẹ̀. Ìtọ́jú tí àwọn aláṣẹ ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dámọ̀ràn ní ọdún 2017 pé kí wọ́n kọ́kọ́ fún àgbàlagbà ni pé kó tẹ̀ lé ìwé ìrànlọ́wọ́ ara-ẹni kan lábẹ́ ojú olùtọ́jú, tí yóò máa rí i fún bí 20 ìṣẹ́jú, ní ìgbà mẹ́rin sí mẹ́sàn-án láàárín ọ̀sẹ̀ 16. Ìtọ́jú yìí ń ṣiṣẹ́ lórí èrò àti ìṣe. Bí kò bá ran ẹni náà lọ́wọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, tàbí tí kò bá a lára mu, wọ́n á mú un wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń gba irú ìtọ́jú náà papọ̀, ìjókòó 16 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba wákàtí kan àti ààbọ̀. Bí ìyẹn náà ò bá ṣe é, òun àti olùtọ́jú nìkan á máa jókòó fún ìgbà 16 sí 20.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á fún Àdùkẹ́ ni ìwé àkọsílẹ̀. Kì í ṣe láti ka iye oúnjẹ. Yóò kọ aago, ohun tó jẹ, ibi tó ti jẹ ẹ́, yóò fi àmì sí èyí tó jẹ nígbà tí ìjánu já, yóò sì kọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ tó bá jẹun tán ni yóò kọ ọ́, kì í ṣe ní alẹ́, torí ìtìjú máa ń pa ìrántí dà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, òun àti olùtọ́jú rẹ̀ tẹ́ ìwé náà síwájú. Àmì mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Méje nínú wọn bọ́ sí ọjọ́ tí kò jẹ nǹkan kan láti aago méje àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Méjì tó kù bọ́ sí ọjọ́ tó jẹun dáadáa, ṣùgbọ́n tí ọ̀gá ilé ìwé jágbe mọ́ ọn lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ibi méjì ni àìsàn náà ń gbà wọlé, kò sì sí èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ wọ̀bìà.

Èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n kọ́kọ́ dí. Yóò máa jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, pẹ̀lú ìpanu méjì láàárín, kò sì ní jẹ́ kí wákàtí 4 kọjá láàárín oúnjẹ kan àti òmíràn. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ní aago méje, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, ìrẹsì àti ẹ̀wà ní aago kan ààbọ̀, ìpanu mìíràn ní aago mẹ́rin ààbọ̀, oúnjẹ alẹ́ ní aago méje ààbọ̀. Bí ìjánu bá tiẹ̀ já lóru, oúnjẹ àárọ̀ ọjọ́ kejì ò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Ibí yìí ló máa ń le jù fún àwọn aláìsàn, ẹ̀rù máa ń bà wọ́n pé àwọn á sanra sí i. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ lọ́sàn-án kì í sábà fi ìwọ̀n kún ara wọn, nítorí ti òru tó pọ̀ jù ló ń dín kù. Nítorí náà ni wọ́n fi ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ara rẹ̀ sí oúnjẹ àìjẹtó nígbà tó bá ń gba ìtọ́jú yìí.

Bí oúnjẹ bá ti ń wọ àsìkò rẹ̀, ọ̀pọ̀ alẹ́ yóò dákẹ́. Èyí tó bá kù ni wọ́n á dojú kọ lọ́tọ̀. Ìfẹ́ àtijẹ náà máa ń gòkè, ó sì máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ènìyàn bá lè dúró dè é. Àdùkẹ́ kọ ohun mẹ́ta tóun lè ṣe nígbà yẹn: kó pe àbúrò rẹ̀, kó wẹ̀, kó jókòó ti ọkọ rẹ̀ ní yàrá. Ní ti ọ̀gá ilé ìwé, wọ́n jọ wo ohun tó lè sọ fún un àti bó ṣe lè sọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ìjánu tún já lẹ́ẹ̀kan. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó jẹun ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sì búra kankan. Èyí tó yẹ kó kọ́ láti inú ìtọ́jú náà nìyẹn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí agbára ìtọ́jú yìí mọ. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó bá gbà á ló máa ń jáwọ́ nínú àjẹkì pátápátá, ó sì máa ń dín kù fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù. Kò ṣèlérí pé ara ẹni tó sanra yóò fọn. Bí dókítà bá rò pé oògùn lè ṣèrànwọ́, òun ni yóò kọ ọ́. Ní ọdún 2015, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní lisidẹsamfẹ́tamíìnì fún àgbàlagbà tí àìsàn náà bá le lára rẹ̀. Ó lè di bárakú, ó sì lè da ọkàn láàmú, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a ń lọ rà ní kẹ́mísíìtì fúnra ẹni, kì í sì í ṣe oògùn ìfọn.

Níbo wá ni Yorùbá ti lè rí ìtọ́jú yìí? Ẹni tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò lọ bá dókítà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, òun ni yóò fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀ka tó ń tọ́jú àìsàn ìjẹun, láìsanwó. Ẹgbẹ́ aláàánú kan náà wà níbẹ̀ tó ń gbọ́ àwọn aláìsàn àti ẹbí wọn, tó sì ń tọ́ wọn sọ́nà. Bí ẹ bá wá a lórí fóònù, Beat ni orúkọ rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, ẹ má retí pé ẹ ó rí ilẹ̀kùn tí wọ́n kọ àìsàn àjẹkì sí lára. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ni kí ẹ béèrè, torí ibẹ̀ ni dókítà ọpọlọ àti onímọ̀ nípa èrò àti ìwà ẹ̀dá, ẹni tó mọ irú ìtọ́jú tí mo ṣàlàyé rẹ̀ yìí, ti máa ń ṣiṣẹ́ papọ̀. Irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ìbàdàn, ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó àti ní Ilé-Ifẹ̀. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábà wà, ti Àrò náà sì wà ní Abẹ́òkúta. Mo mọ̀ pé etí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gba orúkọ Àrò láìronú wèrè. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1954 ni Adéoyè Lambo ti ṣí ilé ìwòsàn náà, tó ń jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé ní abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú lójúmọmọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lọ síbẹ̀ lónìí ló ń gba ìtọ́jú tán tó ń padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tí ibẹ̀ bá jìn sí lè bẹ̀rẹ̀ ní jẹ́nẹ́rà tó sún mọ́ ọn, kó sì gba ìwé tí yóò mú lọ. Bí èrò àtipa ara ẹni bá ti wọlé, tàbí tí ènìyàn ń bi ẹ̀jẹ̀, tàbí tí inú rírun kò jẹ́ kó lè dìde, kó má dúró de ọjọ́ ìpàdé kankan, kó lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì lọ́jọ́ náà gan-an.

Àwọn tó ń bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbé lè ṣe ohun kan tó rọrùn: kí wọ́n má fi ohun tó wà nínú àwo rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀, kí wọ́n má sì ti oúnjẹ mọ́ ọn. Kí wọ́n jẹ́ kí gbogbo ilé máa jẹun lásìkò, kí òun náà sì bá wọn jókòó.

Bí ẹ bá sì jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta sórí ìwé kí ẹ tó wọlé tọ dókítà, kí ìtìjú má baà gbà á lẹ́nu yín: ìgbà mélòó ló ń ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀, oṣù mélòó ló ti bẹ̀rẹ̀, àti pé ẹ kì í lè dáwọ́ dúró bí ẹ tiẹ̀ fẹ́. Bí ó bá ní kí ẹ kàn lọ dín oúnjẹ kù, ẹ fi sùúrù tún gbólóhùn kẹta yẹn sọ, kí ẹ sì ní kó kọ ìwé tí ẹ ó mú lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ.